Èènì Tí Kafilat Fi Kún Òróró Ọmọ Rẹ̀

"Màámi, ẹ bá mi pa iná o! Omi ìsàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù yẹn á ti fẹ́ẹ́ gbẹ. Tó bá gbẹ, ewé á jóná, òórùn iná á sì wọnú òróró. Ẹ kàn gbé ìgò náà sórí pẹpẹ, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu omi rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó wá yà á. Mo ti wà ní Liverpool Road, mo ń bọ̀."

Ohùn tí Kafilat gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu Ummusalamah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, nìyẹn. Inú fóònù ló ti gbọ́ ọ, fèrè tírélà sì ń ké lẹ́yìn ohùn náà bí màlúù tí wọ́n ń fà lọ sí odò ẹran. Ó dáhùn pé, "Ó dáa, tètè dé," ó sì pa iná. Ó gbé ìgò náà sórí pẹpẹ. Kò fọwọ́ kan ẹnu omi rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ní kó ṣe ló ṣe. Ọmọ náà ni kò wá ṣe èyí tó ní òun ó ṣe.

Kọ̀nténà kan ló já bọ́ lẹ́yìn tírélà ní ọ̀nà Liverpool lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, àwọn obìnrin ti wẹ Ummusalamah, wọ́n ti fi káńfọ̀ sí omi ìwẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti dì í ní aṣọ funfun, àwọn ọkùnrin sì ti gbé e lọ. Wọn ò jẹ́ kí Kafilat rí ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó rántí rẹ̀ bó ṣe jáde nílé. Kafilat gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí òkú ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í yéé wo ẹnu ọ̀nà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Kafilat. Ilé kéú ni gbogbo ìwé tó kà. Ó lè ka Yásínì láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà òyìnbó kò yé e. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà ní Ajégúnlẹ̀. Hussein ọkọ rẹ̀, tó ń gbẹ́rù ní èbúté Àpápá, ti kú ṣáájú. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà ni Kafilat fi tọ́ ọmọ, ìgò ìgò ló ń tà á lójúde ilé. Bí àwọn oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọwọ́ Ìyá Ummu kì í há. Bó bá wọn epo tán, á tún fi ẹ̀kún ìdérí ìgò kan sí i. "Èènì rẹ nìyẹn," á wí, "kí o má baà fi ojú ìgò wò mí." Kò sí ẹni tó ra epo lọ́wọ́ Kafilat rí tí kò gba èènì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó tajà tí kò fi èènì sí i, olè tó mọ ìṣirò ni.

Ummusalamah lọ sí ilé ìwé gíga, ó sì mọ iṣẹ́ kẹ́míkà. Nígbà tó jáde tí kò ríṣẹ́, ó sọ ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ di ibi iṣẹ́. Ewé tíì, tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ń pè ní koríko ọba, ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Á gé e, á jẹ́ kó rọ díẹ̀, á kó o sórí asẹ́ irin nínú dírọ́ọ̀mù kí omi tó wà nísàlẹ̀ má baà kàn án. Á dáná sábẹ́. Bí omi bá hó, ooru rẹ̀ á gba àárín ewé kọjá, á sì gbé òórùn ewé dání lọ sínú páìpù bàbà kan tí wọ́n wé bí ejò sínú ọpọ́n omi tútù. Níbẹ̀ ni ooru ti máa ń padà di omi. Bó bá kán sínú ìgò, òróró á fò sókè, omi á wà nísàlẹ̀.

Ìgò náà, ìgò ńlá tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn olówó ń bu sóbò sí níbi àríyá, tó ní ẹnu omi kékeré nísàlẹ̀. Bí òróró bá ti fò tán, Ummusalamah á ṣí ẹnu omi náà, á jẹ́ kí omi ṣàn jáde títí yóò fi ku òróró nìkan, á wá tì í. Ohun tó ń pè ní yíyà nìyẹn. Òun nìkan ló ń ṣe é. Ó ní ọwọ́ Màámi yá jù.

"Ìwọ náà wo bí ọwọ́ mi ṣe yá tó nígbà tí mo ń bí ẹ," Kafilat á fèsì. "Bí mo bá jáfara ni, ìwọ ìbá wà níbẹ̀ dòní."

Oríṣi mẹ́ta lòróró tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Èyí tó fi ooru omi ṣe, ó so òwú funfun mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀wé lè dá a mọ̀. Èyí tó ṣe láti ara èèpo ọsàn, òwú pupa ló so mọ́ ọn. Èyí kò rí iná rárá. Ọwọ́ àwọn ọlọ́sàn tó ń fi abẹ bó ara ọsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ti ń ṣà á, á dì í sínú àpò, á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún gàrí tẹ̀ ẹ́ títí ara èèpo á fi lagun. Èyí tó ṣẹ́ kù, ìgò kékeré kan tí kò ní òwú lọ́rùn, ìwé pélébé ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kọ nǹkan sí i. Inú rẹ̀ ki bí oyin. Òdòdó funfun tó wà lójúde ni, èyí tí àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin, tí oje funfun ń sun lára igi rẹ̀. Ummusalamah máa ń kán ẹyọ kan sí ọrùn ọwọ́ bó bá ń jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Kafilat bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ó ti mọ̀ pé ọmọ òun wà nítòsí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ikú tó dé.

Ìyáàfin kan wà ní Warehouse Road tí ń jẹ́ Philomena. Ó ń ra òróró olóòórùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ó ń kó o fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ọmọ ìkókó lókè òkun. Ó ti bá Ummusalamah sọ̀rọ̀: kó gbé ìgò kan wá fún àyẹ̀wò, bí ó bá mọ́, òun á máa ra gbogbo èyí tó bá ṣe. Ọmọ náà ti wọn ìgò náà, ó ti so òwú funfun mọ́ ọn, kọ̀nténà kò wá jẹ́ kó gbé e lọ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Philomena pe fóònù, ó kí Kafilat kú ìrọ́jú, ó ní bí àpẹẹrẹ náà bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n ṣì gbé e wá, kí iṣẹ́ ọmọ má baà ṣègbé.

Kafilat gbé ìgò náà sọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án. Ó wò ó. Kò kún dé ọrùn. Ó fi bí ìka kan dín.

Ṣé ọmọ Kafilat ni yóò gbé ọjà tí kò kún lọ fún oníbàárà? Àti pé ọjà ìkẹyìn ni. Ó na ọwọ́ sí ìgò kékeré tí kò ní òwú, nítorí òun ló gbé òórùn Ummusalamah dání. Ó da ẹ̀kún ìdérí kan sínú ìgò olówùú funfun náà, ó sì rí i tó dà bí ìkùukùu nínú òróró, tó lọ́ra, tó yípo, tó sì pòórá.

"Èènì rẹ nìyẹn, Sálámà," ó wí.

Ó ti ìdérí padà sẹ́nu ìgò kékeré náà, kò tì í le, ó sì gbé ọjà lọ sí Àpápá.

Ọjọ́ kejì ni òórùn bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí ojú pópó pàápàá dákẹ́ díẹ̀, tí páànù òrùlé ń ta pẹ́pẹ́ nínú oòrùn. Wákàtí tí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí aboyún jáde nìyẹn. Kafilat jókòó sórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ohun kan fẹ́ sí i nímú bí ẹni tó ṣí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Kí ó tó sọ pé kí ni eléyìí, bẹntiróò náà ti lọ, òdòdó ló kù. Òdòdó funfun. Òórùn ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nìkan.

Ó jáde síta. Igi òdòdó náà dúró gbọnrangandan. Ọyẹ́ ti gbọn gbogbo ewé rẹ̀. Kò ní òdòdó kan ṣoṣo, ẹ̀ka rẹ̀ rí bí ìka ọwọ́ àgbàlagbà.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bẹntiróò kọ́kọ́ dé, òdòdó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀kùn ní títì. Ní ọjọ́ kẹta Rita, onídìrí tó ń gbé yàrá kejì, yọ orí wọlé, kóòmù ṣì wà nínú irun tirẹ̀.

"Mama, ẹ ń gbọ́ ọ àbí èmi nìkan ni?"

"Kí ni?"

"Na Ummu smell be that." Rita kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbá apá méjèèjì mọ́ àyà. "Mama, I no wan lie for you. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ọkọ̀ bá pa lójú ọ̀nà, kì í mọ̀ pé òun ti kú. Ó máa ń padà wá ṣe iṣẹ́ tó fi sílẹ̀."

"Rita, lọ dìrí rẹ. Apá kan ni mo rí tí o dì, èkejì dà bí ilé ẹyẹ."

Rita rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lọ. Kafilat kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ìgò ńlá tó wà lórí pẹpẹ, òróró lókè, omi nísàlẹ̀, bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀. *Èmi fúnra mi ni n ó wá yà á.* Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá ti ń kanrí, á gbé ẹní síwájú pẹpẹ, á jókòó, á dúró. Kò bẹ̀rù mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọjọ́ kan á dé tí òórùn náà kò ní wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Philomena tó tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní kí Mama wá sí Àpápá.

Yàrá òkè ni ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ilé ìkẹ́rù, awò ojú rẹ̀ so kọ́ sí àyà. Ọkùnrin kan jókòó tì í, Ovie lorúkọ rẹ̀, òun ló ń yẹ òróró wò fún un. Philomena kí Kafilat dáadáa, ó fún un ní omi, ó wá tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Ìlà kan ló wà lórí ìwé náà, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀.

"Mama, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì. Ọmọ yín da kẹ́míkà lu òróró yìí. Ó sọ fún mi pé ooru omi ni, pé kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀. Mo ti fẹ́ẹ́ fi orúkọ rẹ̀ han àwọn oníbàárà mi. Ọṣẹ ọmọ ìkókó ni wọ́n ń ṣe!"

"Ọmọ tèmi?" ni Kafilat wí.

"Ìwé kì í purọ́, Mama."

Kafilat kò wo ìwé náà, kò ṣáà lè kà á. Ovie ló wò. "Ṣàlàyé fún mi," ó wí fún un, "bí ìgbà tí ò ń ṣàlàyé fún ìyá tó bí ẹ. Má fi gẹ̀ẹ́sì bò mí."

Ovie fa àga sún mọ́ ọn. "Mama, Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo ti ra epo lọ́wọ́ yín rí. Ẹ wò ó. Ẹ̀rọ ló tú òróró yìí palẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Òkè méjì tó ga, tó sún mọ́ ara wọn bí ìbejì yìí, ewé tíì gan-an nìyẹn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó kéré níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ òórùn kúrò lára òdòdó ni, ìbátan bẹntiróò. Kì í bá ooru omi wá. Ẹ tún wo àwọn wọ̀nyí níparí: òdòdó ni wọ́n ti wá, kì í ṣe koríko."

"Òdòdó wo?"

"Mi ò mọ̀. Àwọn òdòdó kan wà tí kò gba ooru. Bí ẹ bá fi ooru omi ṣe wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń sè bí ẹ̀fọ́, òórùn wọn á bàjẹ́. Kẹ́míkà ni wọ́n ń rẹ wọ́n sí. Kẹ́míkà á mu òórùn, á mu ọ̀rá ara òdòdó náà, wọ́n á wá jẹ́ kí kẹ́míkà fò lọ. Kì í fò lọ tán bọ̀rọ̀. Díẹ̀ á máa ṣẹ́ kù."

"Ìdọ̀tí wá ni?"

"Rárá o. Owó ńlá ni wọ́n ń ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèpo ọsàn tí wọ́n tẹ̀ láìsí iná: òórùn rẹ̀ tutù bí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, ṣùgbọ́n ọ̀rá èèpo àti àwọ̀ rẹ̀ á bá a wá, oògùn tí àgbẹ̀ fín sára ọsàn náà lè bá a wá. Ooru omi nìkan ni kì í lè gbé ohun tó wúwo. Mama, kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ ni kí èèyàn fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì."

Philomena mí kanlẹ̀. "Mo ti ṣèlérí fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àwa tó ń ra òróró pé n ó sọ bí àyẹ̀wò ọmọ náà ṣe rí. Ìpàdé di Ọjọ́bọ̀. Kí ni kí n sọ?"

"Fún mi títí di Ọjọ́rú," ni Kafilat wí. Ó dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fi kọ̀nténà pa ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tún pe òkú rẹ̀ ní oníjìbìtì ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ẹnu tí òkú fi ń wí tirẹ̀.

Nígbà tó délé, ọ̀sán ti kanrí. Kò tíì bọ́ bàtà tí òórùn náà fi dé. Bẹntiróò, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, òdòdó.

Lọ́tẹ̀ yìí kò jókòó. *Ìbátan bẹntiróò. Òdòdó tí kò gba ooru.* Irun orí rẹ̀ dìde lábẹ́ ìborùn. Ó tẹ̀ lé òórùn náà bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọmọdé nínú òkùnkùn, ọwọ́ níwájú. Ó kọjá lára ìgò ńlá. Ó kọjá lára àwọn olówùú pupa. Oòrùn gba ihò páànù kan wọlé, ó mọ́lẹ̀ gàà sórí igun pẹpẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìgò kékeré tí kò ní òwú dúró sí, ìdérí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó gbé e. Ohun tó ti ki bí oyin ti ṣàn sórí pákó pẹpẹ díẹ̀, ó ti dì bí àbẹ́là. Ó fi ìka kàn án. Ọ̀rá ni.

Kafilat jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pe Rita. "Bá mi ka ohun tí ọmọ yìí kọ síbí."

Rita gbé ìgò náà síwájú ojú, ó yí i, ó kà á, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe mọ̀ ọ́n: "Òdòdó. Kẹ́míkà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdánwò ni. Kì í ṣe títà. Ẹ má fi kan ìgò míì." Ó wo ojú Kafilat. "Mama? Mama, wetin happen?"

"Èmi ni," Kafilat wí. "Èènì ni mo fi sí i."

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń fi èènì sọ́jà. Kò tíì sí oníbàárà tó dá a padà rí.

Ní Ọjọ́rú, ó wé ìgò kékeré náà sínú náílọ́ọ̀nù, ó mú ìgò olówùú pupa kan dání. Ó wá dúró níwájú ìgò ńlá. Òun nìkan ni òróró ewé tíì tó ṣẹ́ kù tí ọwọ́ Kafilat kò tíì tọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá ní ẹlẹ́rìí kan láyé, òun ni. Ó fi aṣọ òkè Hussein dì í, ó fi ọ̀já so ó mọ́ àyà, ó wọ kẹ̀kẹ́.

"Màmá, ọmọ ìkókó ni?" ni oníkẹ̀kẹ́ bi í.

"Ọmọ ni," ó wí. "Má kó sí kòtò."

Ó kó sí gbogbo kòtò tó wà láàárín Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá. Nígbà tí wọ́n dé Liverpool Road, Kafilat di ojú. Ó gbọ́ tí nǹkan ń ró gbọ̀ngbọ̀n láyà rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọkàn òun ni tàbí ìgò náà. Nígbà tó tú aṣọ lórí tábìlì Philomena, igbe ta lẹ́nu rẹ̀. Òróró kò sí lókè mọ́. Gbogbo inú ìgò ti funfun bí omidùn ògì.

"Mo ti bà á jẹ́! Ovie, mo tún ti bà á jẹ́!"

"Ẹ fara balẹ̀, Mama. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Wọ́n jókòó tì í, àwọn mẹ́ta. Kafilat sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti ń dúró: ìgò tí kò kún, èènì, ìwé tí kò lè kà. Ó gbé ìgò kékeré náà síwájú wọn. Philomena bọ́ awò ojú, ó fi etí ìró nu ojú. Nígbà tí wọ́n tún máa wo ìgò ńlá, ẹ̀kán wúrà kan ti lẹ̀ mọ́ ara dígí. Òmíràn bá a. Wọ́n ń gòkè níkọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó ń fà wọ́n, wọ́n ń wá ara wọn kiri nínú omi, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, ojú òróró ti pé padà, bí ìgbà tí Ummusalamah pe fóònù.

"Astagfirulláh," Kafilat wí jẹ́jẹ́. Ṣe ló rí bí ẹni tó ń jí.

Ovie fi páìpù tín-ínrín fa díẹ̀ lókè rẹ̀. Ó kán ẹyọ kan sórí bébà funfun, ó kán òróró ọsàn sórí òmíràn, ó ha ọ̀rá òdòdó sórí ẹ̀kẹta. Èyí tó kù nínú páìpù, ó ní ẹ̀rọ ni òun máa gbé e lọ fún, nítorí bébà lè fi ọ̀rá hàn, ṣùgbọ́n kì í rí kẹ́míkà tó ti fò lọ.

Nígbà tí Kafilat padà dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí tábìlì. Ti òdòdó ti di àbàwọ́n ọ̀rá. Ti ọsàn fi òrùka pupa rúsúrúsú sílẹ̀. Ovie gbé ẹ̀kẹta sókè sí ojú fèrèsé. Bébà lásán ni. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àfi òórùn ewé tíì tó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Philomena kò dúró de ẹ̀rọ kó tó sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó ní ẹ̀sùn tí òun fẹ́ fi kan òkú, òun gbé e mì. Ìyá ló fi èènì sí i, ọmọ kò lu nǹkan kan. Nígbà tí ìwé ẹ̀rọ dé lọ́sẹ̀ kejì, òkè ìbejì wà níbẹ̀, ìbátan bẹntiróò kò sí. Ovie pe fóònù láti sọ fún un.

"Mama, ó mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ yà á lórí omi o. Omi àti atẹ́gùn ń bá a jà. Bó bá pẹ́ sí i, kò ní jẹ́ bó ṣe wà yìí mọ́. Àbí kí n wá bá yín yà á?"

"O ṣé, ọmọ mi," ni Kafilat wí. "Ẹni tó ni ín sọ pé òun ń bọ̀."

Ìgò kékeré kò sí nílé mọ́. Ọwọ́ Ovie ló wà. Rita ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ pẹpẹ, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọjọ́ mẹ́rin, òórùn náà kò wá. Ní ọjọ́ karùn-ún, lọ́sàn-án gangan, Kafilat wà lórí ẹní. Kò gbọ́ bẹntiróò kankan lọ́tẹ̀ yìí. Òdòdó nìkan ni, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì dúró níwájú pẹpẹ.

"Mo ti sọ fún wọn, Sálámà," ó wí. Kò yíjú wẹ̀yìn.

Oṣù kẹta rèé. Ìgò ńlá náà ṣì wà lórí pẹpẹ, òróró lókè, omi nísàlẹ̀. Òróró náà ti pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu omi rẹ̀ wà ní títì. Wọn ò tíì yà á.